Ta Ló Ni Ère Ìbejì Tí Wọ́n Ń Tà?

Àwọn kan bi mí bóyá ó yẹ kí àwọn ra ère ìbejì àtijọ́. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀. Bí ìwẹ̀ àti oúnjẹ bá ti pa ojú náà rẹ́, ìyá kan ti tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà ti 1979, iṣẹ́ ọnà tí a ti lò nínú ìsìn ìbílẹ̀ lè jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, bí a tilẹ̀ gbẹ́ ẹ lẹ́yìn 1918. Aṣojú tí ìjọba yàn nìkan ló lè rà á níbí.

Láti ìgbà òfin 1953 ni wọ́n ti ń béèrè ìwé àṣẹ kí ó tó jáde. Òfin yẹn kò mú èyí tó ti lọ ṣáájú. Ṣùgbọ́n ṣé ìdílé ló tà á, àbí wọ́n jí i lójúbọ? Ọjọ́ pípẹ́ kì í sọ ohun tí a jí di ti olè. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè sọ ọwọ́ tó ti gbà á, ẹ má rà á.