Aago Tó Ń Padà Sẹ́yìn: Lẹ́tà Olùkọ́ Kan Lórí Ẹ̀rọ Àtẹ́ńdáǹsì

Ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́ nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì yunifásítì wa. Á bẹ̀rẹ̀ láti ìlà iwájú, á rìn títí dé ẹ̀yìn, níbi tí ẹnì kan yóò ti kọ orúkọ ara rẹ̀ tán, tí yóò tún kọ ti ọ̀rẹ́ mẹ́rin tí wọn ò tíì jí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn. Olùkọ́ á ka orí, á rí 80. Á wo ìwé, á bá orúkọ 116 níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, nítorí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ wa, ẹni tí kò bá wá tó ìdá 75 nínú 100 kíláàsì lè má rí ìdánwò jókòó sí. Bí kíláàsì bá jẹ́ 30 ní sáà kan, ẹni tí kò bá pé 23 ti wà nínú ewu.

Abájọ tí ẹ̀rọ tí ń gba àtẹ́ńdáǹsì fi wọ́pọ̀ nínú pọ́ròjẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ọdún àṣekágbá. Olùkọ́ kan ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Gúúsù Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ti rí irú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jókòó kọ lẹ́tà ojú ewé méjì sí àwọn tó tún yan iṣẹ́ náà. Ó mẹ́nu ba orí márùn-ún tí ìwé pọ́ròjẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní, ó sì kìlọ̀ fún àwọn tó máa ń ra iṣẹ́ àṣepari lọ́jà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lórí ìwọ̀nyẹn. Ohun tó gba èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà náà ni bóyá àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ náà bá ṣe ṣeé gbà gbọ́.

Máíkírókọ̀ntúrólà ni ọpọlọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Èyí táwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń lò ni ATmega328P, ègé dúdú ẹlẹ́sẹ̀ 28 tó wà lórí bọ́ọ̀dù Àdùínò Únò. Á ka káàdì tàbí ìtẹ̀ka, á wo aago, á kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ibi aago yìí gan-an ni lẹ́tà náà ti kọ́kọ́ dúró.

ATmega328P kò mọ ọjọ́. Bí iná bá ti lọ, ó gbàgbé gbogbo ohun tó ń kà lọ́kàn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń so aago kékeré kan mọ́ ọn, DS3231, tó ní bátìrì pẹlẹbẹ bíi kọ́ìnì tirẹ̀, tó sì ń kà lọ kódà nígbà tí NẸ́PÀ bá mú iná. Aago yìí dára. Ní ọdún kan, ó ṣòro kó fi ju bí ìṣẹ́jú kan lọ yà kúrò lórí òtítọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń bà á jẹ́, pẹ̀lú ìlà kan tí wọ́n ń dà kọ láti inú àpẹẹrẹ:

```
rtc.adjust(DateTime(F(__DATE__), F(__TIME__)));
```

Ohun tí ìlà yìí ń sọ ni pé kí aago padà sí ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n ṣe ètò náà lórí kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá fi í síbẹ̀rẹ̀ ètò láìfi àṣẹ kankan dí i, gbogbo ìgbà tí iná bá dé ni aago yóò padà síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan parí ètò rẹ̀ ní ọjọ́ Túsìdeè, aago 10:12. Ó gbé ẹ̀rọ lọ sí kíláàsì aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Tọ́sìdeè, iná sì lọ lẹ́ẹ̀mejì. Àkọsílẹ̀ á sọ pé gbogbo èèyàn wá ní Túsìdeè: 10:12, 10:13, 10:15, lẹ́yìn náà 10:12 mìíràn, 10:14, 10:12 lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò kò ní pẹ́ rí i, torí wákàtí kì í gun òkè kó tún balẹ̀ padà láàárín kíláàsì kan.

Òfin tí olùkọ́ náà fi lélẹ̀ ni pé ètò ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n fi tún aago ṣe, lẹ́ẹ̀kan péré. Ètò tó ń gba àtẹ́ńdáǹsì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aago. Kó kàn bi í bóyá bátìrì rẹ̀ ti kú rí. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó dá iṣẹ́ dúró:

```
if (rtc.lostPower()) {
  lcd.print("AAGO KO PE");
  while (true);
}
```

(Kò sí àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ yẹn nítorí pé ojú ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń lò kò mọ̀ ọ́n kọ.) Ẹ̀rọ tó kọ̀ láti ṣiṣẹ́ sàn lójú olùkọ́ náà ju èyí tó ń purọ́ lọ, èmi tí mò ń kọ èyí náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ibi ìkópamọ́ ló kàn. Nínú ATmega328P, àyè tí ọ̀rọ̀ kì í ti parẹ́ bí iná bá lọ kò ju báìtì 1,024 lọ. Nọ́mbà káàdì gba báìtì mẹ́rin, àsìkò gba mẹ́rin; ìyẹn mẹ́jọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Pín 1,024 sí mẹ́jọ-mẹ́jọ, èèyàn 128 ló máa gbà. Kíláàsì tó ní akẹ́kọ̀ọ́ 130 ti kún un ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Ètò mìíràn á wá padà síbẹ̀rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, á sì máa kọ ẹni 129 lé orí ẹni àkọ́kọ́, tó fi jẹ́ pé ẹni tó tètè dé jù lọ ni ẹ̀rọ yóò sọ pé kò wá.

Nítorí náà, ó pọn dandan kí wọ́n lo káàdì ìrántí bíi ti fóònù. Ìyẹn náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀: ohun tí ètò bá kọ kì í tíì dúró lórí káàdì títí yóò fi ti fáìlì náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣí fáìlì ní aago mẹ́jọ, tó ń dúró dìgbà tí kíláàsì bá parí kó tó tì í, lè pàdánù orúkọ ọ̀pọ̀ èèyàn bí iná bá lọ. Lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n máa tì í. Lọ́jọ́ dífẹ́ǹsì, lẹ́tà náà sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn 20 yóò fi káàdì kan ẹ̀rọ, olùyẹ̀wò yóò fa wáyà iná yọ lójijì, wọn yóò sì ka ìlà inú fáìlì. Bí kò bá pé 20, máàkì ti ń lọ nìyẹn.

Síbẹ̀, gbogbo èyí kò dí ọ̀nà ọ̀rẹ́ mẹ́rin tó wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó ń kọ orúkọ wọn lánàá lè kó káàdì wọn sápò lónìí. Nítorí ìyẹn ni olùkọ́ náà ṣe ní kí káàdì sọ ẹni tó dé, kí ìka sì jẹ́rìí sí i. Èyí ń gba àsìkò: bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá lo ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, èèyàn 130 yóò lò tó ìṣẹ́jú 11 lórí ìlà. Ìka tó gbẹ, tó tutù, tàbí tí sìmẹ́ńtì ti jẹ ojú rẹ̀ nídìí iṣẹ́ bírikìlà tí ọmọ ń ṣe nígbà ìsinmi, ẹ̀rọ lè má dá a mọ̀. Ó ní kí wọ́n dán an wò lára èèyàn 30, ẹ̀ẹ̀mẹwàá fún ẹnì kan, kí wọ́n sì kọ iye ìgbà tí ẹ̀rọ kọ ẹni tó ni ín àti iye ìgbà tó gba ẹni tí kì í ṣe òun. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé ẹ̀rọ òun kò ṣàṣìṣe rí, òun ni yóò kọ́kọ́ bi léèrè ọ̀rọ̀.

Òfin ààbò ìwífún ara ẹni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ka ìtẹ̀ka mọ́ ohun tó gba ìtọ́jú pàtàkì. Àwọn 30 wọ̀nyẹn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ka, àpẹẹrẹ ìka wọn kò gbọdọ̀ kúrò nínú ẹ̀rọ bọ́ sórí kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni, bí dífẹ́ǹsì bá sì ti parí, iwájú olùyẹ̀wò ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.