Wọ́ọ̀tì Nínú Kíláàsì Àwọn Àgbà

Ṣàṣà ni kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ti jọ mọ̀wé dọ́gba. Ẹni tí kò mú pẹ́ńsù dání rí lè jókòó ti ẹni tó kàwé dé píráímárì kẹta kó tó fi í sílẹ̀. Bí olùkọ́ bá kó wọn pọ̀ sójú pátákó, ọ̀kan á máa tòògbé, ẹnì kejì á máa gbàdúrà pé kí wọ́n má pe òun. Lójú tèmi, eré tó bá irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ mu jù ni wọ́ọ̀tì, bí a bá pààrọ̀ ohun tó wà lójú káàdì rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé nínú ayò ọlọ́pọ́n, ọ̀ta ni yóò máa pa ọ̀pẹ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n nínú wọ́ọ̀tì, káàdì tó bá bọ́ sí èèyàn lọ́wọ́ ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò mọ̀wé lè jẹ ẹni tó mọ̀wé.

Nínú wọ́ọ̀tì tí gbogbo wa mọ̀, àwòrán tàbí nọ́ńbà la fi ń tẹ̀ lé káàdì tó wà nílẹ̀. Nínú tiwa, kọ́ńsónáǹtì tàbí fáwẹ̀lì ni. Bí “ba” bá wà nílẹ̀, èèyàn lè fi “bi” lé e nítorí “b”, tàbí “ka” nítorí “a”. Ẹ mú kọ́ńsónáǹtì márùn-ún tí ẹ ti kọ́ wọn, ká ní b, d, k, l, t, kí ẹ fi fáwẹ̀lì méje èdè wa tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: káàdì 35 nìyẹn. Ẹ fi wọ́ọ̀tì 5 kún un, ó di 40. Ẹni tó bá ju wọ́ọ̀tì sílẹ̀ ni yóò fẹnu pe lẹ́tà tó fẹ́. Èèyàn mẹ́rin lè jọ ta á, káàdì márùn-ún lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ìyókù wà lọ́jà. Páálí ni kí ẹ gé, kí ẹ sì fi máàkà kọ ọ́ gàdàgbà, torí ojú ọ̀pọ̀ wọn kò ríran nítòsí mọ́. Ẹ fa ìlà sí ìsàlẹ̀ káàdì kọ̀ọ̀kan, nítorí “d” tí a bá dorí rẹ̀ kodò, “p” ni yóò dà.

Ẹ jẹ́ ká wá wo tábìlì kan. Ìyá aláta ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá lẹ́tà mọ̀, fọ́kánáísà ń ka sílébù díẹ̀díẹ̀, télọ̀ sì ti ń ka gbólóhùn. Òfin eré kan náà ló de gbogbo wọn. Iṣẹ́ tí káàdì ń bẹ̀ wọ́n ló yàtọ̀. Bí ìyá aláta bá ju káàdì, ẹni tó jókòó tì í yóò kà á, òun náà yóò sì kà á tẹ̀ lé e. Fọ́kánáísà gbọ́dọ̀ dá ka tirẹ̀ kí káàdì tó kanlẹ̀. Ní ti télọ̀, bó bá ju “kọ”, yóò wá ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò sì kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Bí kò bá rí i, ọjà ló ń lọ.

Ohun tó máa ń ba eré yìí jẹ́ ni kí ìyá aláta máa fi ojú nìkan báwòrán lẹ́tà dọ́gba láìkà á. Ẹ ó mọ̀ bí ọwọ́ rẹ̀ bá yá, ṣùgbọ́n tí ẹ bi í pé, “Mà, kí lẹ jù sílẹ̀ yẹn?” tó wá ń wo ẹnu ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fi lẹ́tà ńlá kọ ìdajì àwọn káàdì náà. Ojú lásán kò lè so “D” mọ́ “d”, tàbí “A” mọ́ “a”, àfi kéèyàn mọ̀ wọ́n. (“K” àti “k” kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níhìn-ín, wọ́n jọra jù.)

Télọ̀ náà ní ìṣòro tirẹ̀: ẹnu rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́. Ẹ sọ ọ́ di òfin pé ẹni tó bá fi ìdáhùn sí ẹlòmíràn lẹ́nu láìjẹ́ pé wọ́n bi í yóò lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn máa ń bá a wí ju ẹnu olùkọ́ lọ.

Àwọn kan kò sì ní fọwọ́ kan káàdì, torí ojú tẹ́tẹ́ ni wọ́n fi ń wò ó. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ kọ sílébù sójú ilé tí ọmọ lúdò ń gbà kọjá, kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá dúró lórí ẹ̀ kà á.

Bí ogún ìṣẹ́jú bá pé, ẹ dá eré dúró, kí ẹ tẹ́ káàdì sílẹ̀ kí wọ́n fi to ọ̀rọ̀ tí wọn yóò kọ sínú ìwé. Ìyá aláta á ṣa “ba” àti “ta”, fọ́kánáísà á tò ó, télọ̀ á fi àmì sí i. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀, torí bàtà ni télọ̀ kọ, ìyá aláta sì ní bàtá táwọn onílù ń lù lòun ní lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ méjèèjì.