Aago Ìlú Ọba, Aago Abẹ́òkúta

Láti ọdún 2023 ni Ìlú Ọba ti fi Nàìjíríà sára àwọn orílẹ̀-èdè tí àwọn agbanisíṣẹ́ Ìlú Ọba kò gbọdọ̀ ti wá ṣa òṣìṣẹ́ ìlera lọ. Nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ lọ ní láti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé sí ilé ìwòsàn ibẹ̀. Nítorí náà, òun àti agbanisíṣẹ́ ni wọ́n jọ ń dá àkókò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò orí fídíò, wákàtí kan péré sì lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Aago tiwa kì í yí padà láti ọdún dé ọdún. Tiwọn ń sún síwájú ní wákàtí kan ní Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta, ó sì ń padà sẹ́yìn ní Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá. Nígbà ooru wọn, aago wa dọ́gba. Nígbà òtútù, tiwa fi wákàtí kan ṣíwájú.

Ká ní nọ́ọ̀sì kan ní Ìdí-Àbà gba lẹ́tà láti Bámínghàm ní Ẹtì, ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2026, pé kó mú àkókò wá fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ tó ń kà á, aago méjèèjì dọ́gba. Bó bá dáhùn pé "aago mẹ́wàá, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun", ó ti kó sí wàhálà, torí aago wọn á ti padà sẹ́yìn ní Àìkú, ọjọ́ 25. Mẹ́wàá tiwọn ti di mọ́kànlá tiwa. Á jókòó síwájú fóònù fún wákàtí kan, á sì rò pé wọn ò wá. Ti oṣù kẹta ló burú jù: ẹni tó ṣírò ṣáájú ìyípadà á dé lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ.

Ohun tó yẹ kó kọ ni ọjọ́, aago méjèèjì àti orúkọ ìlú:

```
Tue 27 Oct, 12:00 Lagos / 11:00 London
```

Aago méjìlá yẹn ní ìdí. Ẹni tó bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ òru láàárọ̀ á ti sùn díẹ̀, ẹni tó sì máa wọṣẹ́ lọ́sàn-án kò ní máa wo ẹ̀yìn. Lójú tèmi, orúkọ ìlú sàn ju `GMT` lọ, torí ẹlòmíràn máa ń kọ `GMT` ní oṣù keje nígbà tó jẹ́ pé aago Lọ́ńdọ̀nù ló ní lọ́kàn, èyí tó ti di `BST` nígbà náà. Ẹni tó bá rí irú rẹ̀, kó béèrè.

Amẹ́ríkà tún yàtọ̀. Àìkú kejì oṣù kẹta àti Àìkú àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá ni Niu Yọ́ọ̀kì ń yí tirẹ̀. Ní ọjọ́ 27 yẹn kan náà, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ níbẹ̀ jẹ́ aago méjì ọ̀sán ní Abẹ́òkúta. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti di aago mẹ́ta.

Bí ìkésíni bá wọlé sórí kàlẹ́ńdà fóònù, fóònù tí wọ́n ṣètò sí `Lagos` á yí àkókò náà sí tiwa fúnra rẹ̀. Bí wákàtí tó hàn níbẹ̀ bá yàtọ̀ sí èyí tí ẹ jọ fẹnu kò sí, ẹ kọ̀wé padà lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró di àárọ̀ ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.