Kí Wọ́n Tó Ṣílẹ̀kùn Báńkì: Ọ̀rọ̀ Àkọ́sọ Máníjà Tuntun

Máníjà tuntun kì í dé bíránṣì lójijì. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì kó dé, orúkọ rẹ̀ ti dé. Ẹnìkan á ti tẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láago ní bíránṣì tí ọ̀gá náà ti ń bọ̀, á sì bi í pé, "Irú èèyàn wo nìyẹn?" Ìdáhùn tó bá gbà ni gbogbo káńtà máa fi jẹun ọ̀sán: ṣé ó máa ń pariwo, ṣé ó máa ń dá èèyàn dúró di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ṣé ó máa ń kó àwọn èèyàn tiẹ̀ wá. Nítorí náà, lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ dúró síwájú òṣìṣẹ́, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ mọ̀ ọ́n. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni ohun tí wọ́n ti gbọ́.

Mo fi ọdún mọ́kàndínlógún ṣiṣẹ́ báńkì, máníjà méje ló sì jẹ lójú mi. Ọ̀rọ̀ àkọ́sọ àwọn mẹ́fà ti parẹ́ lórí mi. Ti ẹni keje, obìnrin kan tí wọ́n gbé wá sí bíránṣì wa ní Òkè-Ògùn lọ́dún 2024, mo ṣì lè tún un sọ títí dòní, bẹ́ẹ̀ ni kò ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ.

Ọjọ́ tó yàn ni ohun àkọ́kọ́ tí mo kíyè sí. Ọjọ́ Mọ́ńdé ló dé, kò sì bá wa sọ ohunkóhun ju ẹ kú iṣẹ́ lọ. Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ ọjà, ọjọ́ tí àwọn tó ń ta àgbàdo àti ẹran máa ń rù owó wá nínú àpò ike, tí ẹ̀rọ tó ń ka owó kì í sinmi. Máníjà tó bá pe ìpàdé láàárọ̀ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń fi han gbogbo ènìyàn pé òun kò mọ ìlú. Ó dúró di Ọjọ́rú. Ó ní ká dé ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí aago mẹ́jọ la máa ń ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà.

Ọjọ́ méjì tó fi dákẹ́ náà ní ìdí. Nínú iṣẹ́ báńkì, máníjà kì í gba ipò lẹ́nu lásán. Òun àti ẹni tó ń lọ gbọ́dọ̀ wọ fọ́ọ̀tì pọ̀, yàrá onírin tí owó ń sùn sí, kí wọ́n ka owó tó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì fi wé iye tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Wọn á ka ti inú ẹ̀rọ apọwó pẹ̀lú. Wọn á wo ìwé ṣẹ́ẹ̀kì tí oníbàárà kò tíì wá gbà, wọn á wo káàdì, wọn á wo òǹtẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ fọ́ọ̀tì kì í wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo. Èèyàn méjì ló ń pín in, tí ọ̀kan kò bá sí, èkejì kò lè dá a ṣí. Tí gbogbo rẹ̀ bá pé, àwọn méjèèjì á fọwọ́ síwèé. Máníjà tó bá sọ̀rọ̀ ìyìn kí ó tó kà á, ó lè jẹ́ pé ohun tó ti dín ló ń yìn. Obìnrin yìí kà á tán kó tó lanu.

Nígbà tó tó àkókò, kò pè wá wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Inú gbọ̀ngàn tí oníbàárà ń dúró sí ló ti bá wa sọ̀rọ̀, níwájú káńtà, lórí ìdúró. Ó ní kí wọ́n pe àwọn tó ń gbálẹ̀ àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ wa jẹ́ ọmọ Tápà, kàṣíà kan sì jẹ́ ọmọ Ìgbò, nítorí náà òyìnbó ló fi sọ èyí tó pọ̀ jù, ó wá ń já Yorùbá sí i. Ohun tí mò ń sọ síhìn-ín, ìtumọ̀ tèmi ni.

Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀gá tó ń mójú tó káńtà àti owó. Bàbá náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, máníjà kò sì tíì pé ogójì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ọ̀gá ti ń ṣubú nílẹ̀ wa nìyí: àwọn kan á máa pe àgbà lórúkọ láti fi hàn pé àwọn lọ̀gá; àwọn kan á sì kúnlẹ̀ títí àṣẹ fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n wa ti wà níbí ṣáájú mi, àwọn ni mo máa ń bi kí n tó bi olú iléeṣẹ́. Àmọ́ bí ìpinnu bá bà jẹ́, èmi ni kí ẹ bi, ẹ má bi wọ́n." Mo rí i tí èjìká bàbá náà rọ̀ wálẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló kan máníjà tó lọ. Àwa kan ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yìí, torí máníjà tuntun tó bá ti fẹ́ mú ara rẹ̀ tóbi máa ń sọ pé òun bá gbogbo nǹkan ní wíwọ́. Kò mọ̀ pé àwọn tó wà níwájú òun ló wọ́ ọ pọ̀ mọ́ ẹni tó lọ. Àwa àti ọ̀gá yẹn la jọ rí oṣù kejì ọdún 2023, lẹ́yìn tí Báńkì Àpapọ̀ pààrọ̀ àwọ̀ owó igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún, tí owó wá di ohun tí a ń fi iná wá, tí èèyàn ń sùn sẹ́nu géètì báńkì. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni obìnrin yìí sọ: "Mo ka fọ́ọ̀tì, ó pé. Ẹ bá mi kí wọn." Ìyẹn tó.

Nípa iye owó tí báńkì fẹ́ kí bíránṣì kó wọlé, èyí tí gbogbo wa ń pè ní tágẹ́ẹ̀tì, kò dárúkọ iye kankan. Ó ní òun á kọ́kọ́ jókòó ti ẹnìkọ̀ọ̀kan nínú àwọn tó ń wá oníbàárà, kí òun mọ àwọn tí wọ́n ń mójú tó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jù ú sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù tó bá sọ kò ní wọlé létí mọ́. Ìṣirò ni àwọn èèyàn á máa ṣe nínú ọkàn.

Àwọn kàṣíà wa tó pọ̀ jù kì í ṣe òṣìṣẹ́ báńkì gan-an. Iléeṣẹ́ alágbàṣe kan ló gbà wọ́n síṣẹ́ tó sì ń san owó oṣù wọn. Ohun tí wọ́n sì ń fẹ́ gbọ́ lẹ́nu gbogbo máníjà ni pé wọn á di òṣìṣẹ́ gidi. Máníjà karùn-ún tí mo bá ṣiṣẹ́ ṣèlérí rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọdún kan kọjá, kò rí i ṣe, torí olú iléeṣẹ́ ló ni àṣẹ yẹn. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di bí afẹ́fẹ́ létí wọn. Obìnrin yìí ní, "N kò lè sọ ẹnikẹ́ni di òṣìṣẹ́ báńkì. Ohun tí mo lè ṣe ni pé tí wọ́n bá béèrè ìwé lórí yín, n óò kọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n béèrè rẹ̀." Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Ìgbà yẹn ló wá sọ ohun tó mú kí n ṣì rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó yíjú sí àwọn kàṣíà, ó ní: "Bí owó yín bá dín nírọ̀lẹ́, ẹ wá sọ fún mi kí wọ́n tó ti fọ́ọ̀tì lọ́jọ́ yẹn. N kò ní pariwo. N kò lè ṣèlérí pé ẹ kò ní san án, torí òfin báńkì kò sí lọ́wọ́ mi. Àmọ́ owó tó dín lónìí, owó tó sọnù ni. Tó bá di ọ̀la, olè ni yóò máa jẹ́."

Ẹni tí kò ṣe káńtà rí lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ tó. Bí kàṣíà bá bẹ̀rù ọ̀gá, tí owó rẹ̀ sì dín, kì í sọ. Á kọ sínú ìwé pé owó pé. Lọ́jọ́ kejì, á gba owó lọ́wọ́ oníbàárà kan, á fi dí ihò àná, kò ní tíì tẹ̀ ẹ́ sínú àkáǹtì onítọ̀hún. Lọ́jọ́ kẹta, á fi owó ẹlòmíràn dí ti ẹni yẹn. Ihò kékeré á máa fẹ̀ títí tí oníbàárà kan fi máa wá béèrè owó tó san sí báńkì tí kò rí. Ọmọ tó ṣàṣìṣe lásán ti di ọ̀daràn nìyẹn, iṣẹ́ a sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí wọ́n bá tètè sọ ọ́, àṣìṣe máa ń fi orúkọ ara rẹ̀ hàn. Owó tó dín gan-an ló ń júwe ibi tó gbà. Ìdì owó kan, bébà ọgọ́rùn-ún ló máa ń wà nínú rẹ̀: ìdì ẹgbẹ̀rún náírà jẹ́ ₦100,000, ti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà jẹ́ ₦50,000. Bó bá jẹ́ ₦50,000 géérégé ló dín, ó ṣeé ṣe kí kàṣíà ti mú ìdì ẹgbẹ̀rún fún ẹni tó yẹ kó fún ní ìdì ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Bí iye tó dín bá sì ṣeé pín sí mẹ́sàn-án láìṣẹ́kù, ẹ lọ wo bóyá nọ́ńbà méjì ló gbapò ara wọn nígbà tí ó ń tẹ kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Bí kàṣíà bá san owó lé fún oníbàárà tí ẹni náà sì sẹ́, ìṣirò kankan kò lè mú un padà.

Ó bi wá bóyá a ní ìbéèrè. Ẹni kan béèrè nípa ìsinmi ọdún, ó ní kí wọ́n lọ ọ́fíìsì òun lẹ́yìn aago mẹ́rin. Ó wo aago, ó ní kí a lọ múra, a sì ṣílẹ̀kùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní aago márùn-ún kù ogún ìṣẹ́jú, ọmọbìnrin kan ní káńtà kejì dìde lórí àga rẹ̀. Ó ti ka owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dín ₦9,000. Mo ń wò ó bó ṣe dúró díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí dúróà, kó tó gba ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì máníjà lọ. Máníjà jáde, kò sọ ju gbólóhùn kan lọ: "Ó ṣeé pín sí mẹ́sàn-án. Ẹ kó ìwé ìfowósí òní wá." Àwọn méjèèjì àti ẹ̀gbọ́n wa jókòó, wọ́n ń fi ìwé wé ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkẹtàdínlógójì ni wọ́n rí i: ìyá alágbàdo kan san ₦45,000, kàṣíà tẹ ₦54,000 fún un. Owó náà ṣì wà nínú àkáǹtì ìyá náà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ láago, wọ́n ṣàlàyé fún un, ẹ̀gbọ́n wa fọwọ́ sí àtúnṣe rẹ̀.

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, àwọn tó ni kọ́kọ́rọ́ méjèèjì jọ wọlé, wọ́n sì ti fọ́ọ̀tì.