Owó Tó Ń Gba Orí Fóònù Wọlé: Kí Lẹ Máa Kọ Sínú Kàyé?

Ọ̀rọ̀ òní kan àwọn ọmọ wa tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún oníbàárà tí wọn ò rí sójú. Lóṣù kan owó á wọlé gan-an, lóṣù mìíràn kò ní sí nǹkan kan. Síbẹ̀, owó orí wà níbẹ̀.

TPS ni wọ́n ń pe owó orí oníṣẹ́ kékeré ní Benin, ìyẹn ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò mú ju mílíọ̀nù 50 sẹ́fà wọlé lọ́dún. Tí ẹ bá lọ gba nọ́ńbà IFU, òṣìṣẹ́ owó orí ni yóò sọ bóyá ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín bọ́ sí. Sẹ́fà 5 nínú 100 ni wọ́n ń gbà, kò sì gbọ́dọ̀ dín sí 10.000. Ẹ óò tún fi 4.000 kún un fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba. Ẹ wá gbọ́ eléyìí dáadáa: orí gbogbo owó iṣẹ́ ni wọ́n ti ń ka 5 náà, kì í ṣe orí èrè.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọbìnrin kan ní Ẹkpẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń ya àmì ilé-iṣẹ́ fún oníbàárà ní Páríìsì, ní Èkó àti ní Kùtọnu. Ará Páríìsì san 100 yúrò, alágbàtà orí íńtánẹ́ẹ̀tì yọ 10, 90 ló dé ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ á kọ 90. Rárá o, 100 ni kó kọ, ìyẹn 65.596 sẹ́fà, torí yúrò kan jẹ́ 655,957 sẹ́fà, kì í yí padà. Kó kọ 10 ti alágbàtà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò ní dín owó orí kù, àmọ́ á jẹ́ kó mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà lérè. Ti Èkó yàtọ̀, torí náírà ò dúró sójú kan. Kó kọ iye náírà, ọjọ́ tó dé, àti iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ náà.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú jù ni Mómò. Ẹ̀gbọ́n fi 30.000 ránṣẹ́ fún oògùn ìyá, èèsú bọ́ sí i, 100.000, gbogbo rẹ̀ wọ inú nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú owó iṣẹ́. Tí wọ́n bá béèrè ìwé Mómò, ta ni yóò mọ èwo ni èwo? Kó kọ àwọn yẹn náà, kó fi sí i pé “kì í ṣe owó iṣẹ́”. Lójú tèmi, nọ́ńbà ọ̀tọ̀ fún iṣẹ́ ló dáa jù.

Tí àpapọ̀ owó iṣẹ́ ọdún bá jẹ́ 1.200.000, owó orí á jẹ́ 60.000, pẹ̀lú 4.000 yẹn. Kó má dúró dìgbà yẹn kó tó wá a. Bí 65.596 yẹn ti dé, kó yọ 3.280 sọ́tọ̀. Oṣù tí iṣẹ́ ò bá sí, kò yọ nǹkan kan. Tó bá máa fi di 30 oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, ó gbọ́dọ̀ ti kéde iye tó wọlé.

Ti oníbàárà Kùtọnu wá kù. Tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́, á béèrè fákítù tó ní kóòdù ìjọba, torí láìsí i, kò lè ka owó tó san fún un mọ́ ìnáwó tirẹ̀. Orí e-MECeF ni wọ́n ti ń ṣe é, ó sì ń béèrè IFU.