Aago Amẹ́ríkà Sún, Ti Èkó Kò Mì

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje oṣù Kẹta ọdún 2025, aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán Èkó ni ọjà ìpín-ìdókòwò Niu Yọ́ọ̀kì ṣí. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, aago méjì ààbọ̀ ló ti ṣí.

Àwọn ọlọ́jà kò yí àkókò wọn padà o. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ tiwọn ni wọ́n ṣí i lọ́jọ́ méjèèjì. Aago fúnra rẹ̀ ni Amẹ́ríkà sún síwájú ní wákàtí kan lóru ọjọ́ Àìkú tó wà láàárín. Nàìjíríà kì í sún aago, òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o.

Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ lábẹ́ àwọn tó gbé ọjà rírà lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀dọ́ kan n'Ìbàdàn fẹ́ kí kọ̀ǹpútà òun máa ra ìpín gẹ́rẹ́ tí Niu Yọ́ọ̀kì bá ti ṣí. Nínú oṣù Kìíní, ó kọ ọ́ fún cron, ohun èlò tó ń ta iṣẹ́ jí lásìkò tá a bá dá fún un:

```
30 15 * * 1-5 /home/ade/ra.sh
```

Ìyẹn ni pé kí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán Èkó, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Fún oṣù méjì, kò sí wàhálà. Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù Kẹta, iṣẹ́ náà jí nígbà tí ọjà ti lo wákàtí kan. Kò sí àṣìṣe kankan nínú àkọsílẹ̀, torí pé lójú cron, àsìkò tí wọ́n dá fún un gan-an ló dìde. Iye tó fi ra ìpín nìkan ló lè tú àṣírí náà.

Bó bá sọ 15 di 14, ó kàn sún ìṣòro náà síwájú ni. Amẹ́ríkà dá aago padà ní ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, iṣẹ́ náà á jí ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ Niu Yọ́ọ̀kì, nígbà tí ọjà kò tíì ṣí, iye tí ọjà fi parí lọ́jọ́ Ẹtì ló sì lè bá.

Ohun tó tọ́ ni kó dá àsìkò náà ní aago ọjà:

```
CRON_TZ=America/New_York
30 9 * * 1-5 /home/ade/ra.sh
```

Orúkọ ìlú ni kó kọ, kó má kọ `EST`, torí pé aago ìgbà òtútù ni `EST`, kì í sún rárá. Ẹ ṣọ́ra o: kì í ṣe gbogbo cron ló mọ `CRON_TZ`. Ẹ kọ́kọ́ fi iṣẹ́ kékeré tí kò ná owó dán an wò, kí ẹ sì fi èyí sínú rẹ̀:

```
TZ=America/New_York date
```

Bí àkọsílẹ̀ kò bá fi 09:30 hàn, ẹ má tíì fi owó lé e lọ́wọ́.