Ìkànnì Ní Ààbò, Síbẹ̀ Ojú Rẹ̀ Fọ́

Ẹ jẹ́ ká fi ìkànnì ilé ẹ̀kọ́ girama kan ṣe àpẹẹrẹ, ká ní example.com ni àdírẹ́sì rẹ̀. WordPress ni wọ́n fi kọ́ ọ ní 2014. Láti ìgbà náà ni akọ̀wé ilé ìwé ti ń kó àwòrán ayẹyẹ, ìròyìn àti ìkéde ìdánwò sórí rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí ààbò lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ Let's Encrypt, http di https, inú gbogbo wọn sì dùn. Kò pẹ́ tí àwọn òbí fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe ilé ìwé. Ojú ìwé náà ti di funfun báláú, lẹ́tà dúdú nìkan ló kù lórí rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ kò dáhùn. Bọ́tìnì tí wọ́n máa ń tẹ̀ kí àkójọ kíláàsì tó yọ ti kú fin-ín-fin-ín.

Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń nàka sí ni ìwé ẹ̀rí náà. Kò jẹ̀bi o.

Ojú ìwé kan ṣoṣo tí a ń wò kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà. Búráúsà á kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ, á kà á, á wá rí i nínú rẹ̀ pé àwòrán kan wà níbí, fáìlì tó ń ṣètò àwọ̀ àti ìrísí wà lọ́hùn-ún, fáìlì àṣẹ tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní sikiríìpùtì sì wà níbòmíràn. Àdírẹ́sì tirẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, búráúsà á sì lọ mú wọn wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 2014, http ni wọ́n fi kọ gbogbo àdírẹ́sì wọ̀nyẹn sínú àkójọ ìkànnì náà, títí dórí àwòrán ayẹyẹ. Nígbà tí ìkànnì wá di https, kò sẹ́ni tó tún wọn kọ. Ojú ìwé gba ọ̀nà ààbò dé, ó sì ń ní kí wọ́n bá òun kó ẹ̀yà ara òun gba ọ̀nà tí kò ní ààbò. Èyí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní àkóónú àdàlù.

Ọ̀rọ̀ tó bá gba http kọjá dà bí ìwé tí a kò lẹ̀ tí a fi rán awakọ̀ ní gáréèjì: ẹni tó bá bọ́ sí lọ́wọ́ lójú ọ̀nà lè kà á, ó sì lè fi gègé tirẹ̀ kọ ohun mìíràn sí i. Ti https ni a lẹ̀ pa, bí ẹnikẹ́ni bá sì fọwọ́ kàn án, ẹni tó ń gbà á á mọ̀.

Kì í ṣe gbogbo fáìlì ni ewu wọn dọ́gba, ibi tí àwọn tó ń ṣe búráúsà ti lo ọgbọ́n sì nìyí. Bí ẹnìkan bá pààrọ̀ àwòrán lójú ọ̀nà, ó lè tan ènìyàn jẹ, ṣùgbọ́n àwòrán lásán náà ló jẹ́. Sikiríìpùtì yàtọ̀. Tó bá ti wọ inú ojú ìwé, ohun gbogbo tí ojú ìwé lágbára láti ṣe ni òun náà lè ṣe: ó lè ka ọ̀rọ̀ aṣínà bí òbí ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó lè yí nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n fẹ́ sanwó sí padà. Ìdí nìyẹn tí Firefox 23, tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá irú sikiríìpùtì bẹ́ẹ̀ dúró láì bi ẹnikẹ́ni léèrè, nígbà tó ṣì ń jẹ́ kí àwòrán kọjá.

Ẹni tó bá rò pé wọ́n ń ṣe àṣejù, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2015. Ilé iṣẹ́ Baidu ní Ṣáínà ní sikiríìpùtì kan tí ọ̀pọ̀ ìkànnì fi ń ka iye àlejò wọn, http ló sì ń gbà rìn. Lójú ọ̀nà, kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn kan tó wà lẹ́yìn odi Ṣáínà, wọ́n fi sikiríìpùtì mìíràn rọ́pò rẹ̀. Èyí mú kí búráúsà àwọn ènìyàn wọ̀nyí máa kan ilẹ̀kùn GitHub léraléra, láìjẹ́ pé àwọn tó ni búráúsà mọ̀, títí GitHub fi ń mí gúlegúle. Àwọn olùwádìí ní Citizen Lab ti Yunifásítì Torónítò ló fún ohun ìjà náà ní orúkọ Great Cannon. Baidu ní kò sẹ́ni tó já wọ inú sáfà òun. Kò sì pọn dandan kí ẹnikẹ́ni já wọ ọ́. Ojú ọ̀nà ni iṣẹ́ ibi náà ti wáyé.

Ọ̀rọ̀ àwòrán náà ti yí padà báyìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, Google kéde pé Chrome yóò máa fi s kún àdírẹ́sì wọn fúnra rẹ̀. Firefox ṣe irú rẹ̀ ní 2024. Bí ibi tí àwòrán wà kò bá ní https, kò ní yọjú rárá, torí búráúsà kò ní padà lọ gba http.

Bí a bá padà sórí ilé ìwé wa, ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀ á ṣí ojú ìwé náà lórí kọ̀ǹpútà, á tẹ F12, á wo abẹ́ Console. Chrome á kọ ọ́ síbẹ̀ báyìí:

```
Mixed Content: The page at 'https://example.com/' was loaded over HTTPS, but requested an insecure script 'http://example.com/js/jquery.js'. This request has been blocked; the content must be served over HTTPS.
```

Lábẹ́ rẹ̀, ìlà mìíràn lè wà: `jQuery is not defined`. Ìlà kejì yìí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Wọ́n á máa tú fọ́ọ̀mù palẹ̀, wọ́n á máa tún un kọ, nígbà tó jẹ́ pé fáìlì tí fọ́ọ̀mù gbójú lé ni wọ́n dá dúró lẹ́nu ibodè. Ìlà àkọ́kọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí.

Àwọn kan á ní, ṣebí a ti ní kí sáfà máa darí gbogbo ẹni tó bá bá http wá sí https? Wọ́n ti ní bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n búráúsà dá sikiríìpùtì náà dúró kí ìbéèrè tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ rárá. Sáfà tí a kò bi léèrè kò lè darí ẹnikẹ́ni.

Nínú àkójọ WordPress gan-an ni àtúnṣe wà. Wọ́n á kọ́kọ́ yí àdírẹ́sì méjì tó wà lábẹ́ Settings, ní General, padà sí https. Lẹ́yìn náà ló kan àwọn àdírẹ́sì tó wà nínú àwọn ìròyìn àtijọ́, pàkúté kan sì wà níbẹ̀. WordPress máa ń tọ́jú àwọn ètò kan pẹ̀lú iye lẹ́tà wọn:

```
s:18:"http://example.com"
```

Bí ènìyàn bá fi ọwọ́ lásán pààrọ̀ http sí https nínú àkójọ náà, lẹ́tà á di 19, iye tí wọ́n kọ á ṣì jẹ́ 18. WordPress kò ní lè kà á mọ́, ètò náà á sì pòórá. Irinṣẹ́ tó mọ̀ nípa iye yìí ni kí wọ́n lò, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe ẹ̀dà àkójọ náà pamọ́:

```
wp search-replace 'http://example.com' 'https://example.com' --skip-columns=guid --dry-run
```

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, `--dry-run`, ń jẹ́ kó kàn sọ iye ibi tó máa yí padà, láì tíì fọwọ́ kan ohunkóhun. Tí iye náà bá bọ́gbọ́n mu, wọ́n á yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò, wọ́n á sì tún àṣẹ náà pa.

Tí ẹni tó kọ́ ìkànnì bá ti fi ọwọ́ kọ àdírẹ́sì kan sínú fáìlì tíìmù, àṣẹ yìí kò ní rí i. Inú fáìlì ni wọ́n á ti lọ tún un ṣe. Ọ̀nà àbùjá kan tún wà: sáfà lè fi ìlà yìí ránṣẹ́ pẹ̀lú ojú ìwé kọ̀ọ̀kan.

```
Content-Security-Policy: upgrade-insecure-requests
```

Búráúsà á wá fi s kún gbogbo àdírẹ́sì inú ojú ìwé náà, àti ti sikiríìpùtì pẹ̀lú. Ó wúlò fún ìkànnì tí ìròyìn rẹ̀ ti tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì àtijọ́ ṣì wà níbi tó wà. Kò sì lè ran ohun tó ti ìta wá lọ́wọ́ bí ìta náà kò bá ní https. Ká ní ilé ìwé wa ní àpótí kékeré kan tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí, tó ń gba sikiríìpùtì rẹ̀ lọ́dọ̀ onísáfà kan tí kò gba ìwé ẹ̀rí rí. Kò sí àṣẹ tó lè ṣe ohunkóhun sí i. Àfi kí wọ́n wá èyí tó ní https rọ́pò rẹ̀, tàbí kí wọ́n yọ àpótí náà dànù.